Òdo Orí Ìbéèrè Kẹrìnlá

Ọdún mẹ́fà ni a fi ṣe wàhálà kí ìdánwò ìtàn kan ṣoṣo tó di ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní àgbègbè wa, ní ilẹ̀ Slofákì lẹ́bàá ààlà Húngárì. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi èdè Slofákì kọ́ni máa ń ṣe tiwọn ní oṣù kẹta, àwọn tó ń fi èdè Húngárì kọ́ni a sì ṣe tiwọn ní oṣù kẹrin. Àwọn ọmọ tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín kíláàsì wọn a jáde pẹ̀lú ìtàn méjì tí kò kí ara wọn rí. Àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mẹ́jọ ni ìdánwò náà ń pín lọ́dọọdún, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ní ibùgbé ní Bratislava: mẹ́rin sí ìhà kan, mẹ́rin sí ìhà kejì, bí ẹni ń pín ẹran fún àwọn ọmọ orogún.

Èmi Želmíra Kordíková ni mo darí kíkọ ìlànà nínú ìgbìmọ̀ tó so ìdánwò méjèèjì pọ̀. Mo rántí pé ìjókòó mẹ́ta ni a fi jà lórí ọ̀rọ̀ kan péré, ìyẹn "ìdáǹdè". Olùkọ́ kan láti àríwá àgbègbè wa dìde, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun kò lè jókòó pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ẹni tó dá ìlú sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá. A yọ ọ̀rọ̀ náà, a kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wọ ìlú sí ipò rẹ̀. Bí a ṣe tẹ̀ síwájú nìyẹn, ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí a fi ní ìwé ìlànà olójú ewé méjìlélógún. Mo kọ ọ́ tán, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní "Ìwé Želmíra". Èmi kò bá wọn jà lórí orúkọ yẹn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ, ìmúṣẹ rẹ̀ ló nira. Má ṣe lo ọ̀rọ̀ tó ti dá ẹjọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ̀rọ̀. Má ṣe pe ìhà kan ní orúkọ rẹ̀ kí o sì pe ìhà kejì ní "àwọn yẹn". Má ṣe béèrè ìdí ohun kan nígbà tí kò tíì dájú pé ohun náà rí bí ìbéèrè rẹ ṣe gbà pé ó rí. Jẹ́ kí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì dán ìbéèrè wò kí o tó fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Mo lè ka gbogbo rẹ̀ láìwo ìwé. Mo ti kà á báyìí ní ìlú mẹ́ta, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi ní gbogbo wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, akẹ́kọ̀ọ́ igba ó lé méjìlá ló kọ ìdánwò náà, ìbéèrè ogún ní èdè méjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹrin, a lẹ orúkọ àwọn mẹ́jọ mọ́ ojú pátákó. Ní ọjọ́ Rú tó tẹ̀ lé e, Gizella Bartalos wọ ọ́fíìsì mi láìkan ilẹ̀kùn.

Ó ti ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ Húngárì kan ní abúlé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Láti ọjọ́ tí a ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ló ti wà nínú rẹ̀, òun sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù nínú wa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ìwé ìdánwò kan síwájú mi.

"Dókítà, ẹ bá mi ka ìbéèrè kẹrìnlá."

"Ẹ̀gbọ́n Gizella, ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ́ kí n gbé kọfí wá."

"Mo ti mu kọfí. Ẹ kà á."

Mo mọ ìbéèrè náà, nítorí èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní: *Ní ọdún 1947, pàṣípààrọ̀ àwọn olùgbé wáyé láàárín Czechoslovakia àti Húngárì. Sọ ìdí mẹ́ta tí àwọn ènìyàn fi ṣí kúrò ní ilé wọn lọ sí orílẹ̀-èdè kejì.* Máàkì mẹ́fà. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Emőke Halász ti kọ ìdáhùn pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣánṣán:

*Àwọn Slofákì tó ń gbé ní Húngárì forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n fẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fẹ́ gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè wọn. Àwọn ará Húngárì tó ń gbé níhìn-ín kò forúkọ sílẹ̀. Ìjọba ló yàn wọ́n, ó sì fi ìwé funfun tó ní kí wọ́n kúrò ránṣẹ́ sí wọn. Èmi kò lè sọ ìdí tí wọ́n fi ṣí, nítorí wọn kò ṣí. Wọ́n kó wọn ni. Wọ́n kó àbúrò ìyá ńlá mi bẹ́ẹ̀.*

Ẹni tó máàkì rẹ̀ ti fa ìlà pupa sábẹ́ "wọ́n kó wọn ni". Ó kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin: *ọ̀rọ̀ onídàájọ́, wo ìlànà.*

"Ọmọ yìí ṣe ipò kẹwàá," ni Gizella wí. "Àyè mẹ́jọ ló wà. Máàkì méjì ló fi já a kulẹ̀."

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìlànà ti wà nílẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. A ní kí wọ́n má lo ọ̀rọ̀ tó ń dájọ́. Bí a bá gba èyí lọ́wọ́ tirẹ̀, kí ni a fẹ́ sọ fún ọmọ Slofákì tó bá kọ pé ẹ̀san ló tọ́ sí wọn?"

"Àwa olùkọ̀wé ìbéèrè ni ìlànà yẹn wà fún, Dókítà. Ẹ ti wá fi so ọmọdé."

"Kò sí ọ̀rọ̀ ìkùnsínú kan nínú ìbéèrè yìí. Ẹ fi awò wá a. 'Pàṣípààrọ̀' ni orúkọ tó wà lórí àdéhùn tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó fọwọ́ sí i kò kó ẹrù."

Mo sọ fún un pé kí ó kọ ẹ̀hónú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, kí a gbé e yẹ̀ wò nígbà tó bá yá. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ tutù, ó ní ọ̀wọ̀ nínú, ó sì jẹ́ ohùn tí a fi ń sin ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń lọ, ó ní, "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹ yẹ fáìlì yín wò." Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ Bọ̀, Dušan wá. Òun ló ń bá wa ṣe ìṣirò lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kì í yọ fìlà rẹ̀ nínú ilé. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó sì ń fi ìka yí etí fìlà náà.

"Ọ̀gá, ẹ máa bínú sí mi."

"Ìgbà wo ni mo bínú sí ọ rí?"

"Lọ́dún tó kọjá. Ẹ ní mo ń fi nọ́ńbà halẹ̀ mọ́ ìtàn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú. "Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo kó àwọn ọmọ tí máàkì wọn dọ́gba nínú ìbéèrè mọ́kàndínlógún yòókù sójú kan náà. Ọmọ tó mọ ìtàn dáadáa pẹ̀lú ọmọ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀lẹ pẹ̀lú ọ̀lẹ. Mo wá wo bí wọ́n ṣe ṣe nínú ọ̀kan tó kù. Tí ìbéèrè bá dọ́gba fún gbogbo wọn, ó yẹ kí àwọn tí ìmọ̀ wọn dọ́gba ṣe bákan náà, èdè yòówù kí wọ́n fi kọ ọ́."

"Mo mọ ìyẹn, Dušan. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo kẹrìnlá."

Mo wò ó. Nínú àwọn ọmọ tí ìmọ̀ wọn dọ́gba, méje nínú mẹ́wàá ló gba máàkì mẹ́rin sókè ní ilé ẹ̀kọ́ Slofákì. Ní ilé ẹ̀kọ́ Húngárì, méjì nínú mẹ́wàá ni. Àwọn ìbéèrè tó kù tò lọ ní ìlà kan ṣoṣo bí òkúta etí títì. Kẹrìnlá nìkan ló yà sí ẹ̀gbẹ́.

"Ìtumọ̀ ni," ni mo wí. "Ẹni tó tú u sí èdè Húngárì ti tú u kù-díẹ̀-káàtó."

"Mo ti fún ènìyàn méjì kà. Wọ́n ní ìtumọ̀ náà pé." Ó sún kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. "Mo wá ka ìwé tí àwọn olùmáàkì ń tẹ̀ lé. Ọ̀gá, ibo ni ẹ ti rí àwọn ìdí mẹ́ta tó wà níbẹ̀? Mo wá wọn nínú ìwé ẹ̀kọ́, mi ò rí wọn báyẹn."

Ìdí mẹ́ta náà ni: wọ́n fẹ́ gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè wọn, wọ́n retí ilẹ̀ àti ilé, àwọn ìjọba méjèèjì ti ṣe àdéhùn. Mo ya ẹnu láti dá a lóhùn, mo sì rí i pé èmi kò mọ ibi tí mo ti rí wọn. Mo kàn mọ̀ wọ́n ni, gẹ́gẹ́ bí mo ti mọ ọ̀nà ilé ìyá mi.

Lẹ́yìn tó lọ, mo ṣí fáìlì. Àkọsílẹ̀ Gizella wà níbẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ó fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ìwé: *Ìbéèrè yìí gbà pé gbogbo wọn ló fẹ́ lọ. Àwọn tó wá ló fẹ́. Àwọn tó lọ ńkọ́?* Lábẹ́ rẹ̀ ni ìwé ọwọ́ tèmi wà, pẹ̀lú yíǹkì: *ìmọ̀lára, kì í ṣe ẹ̀rí.* Mo ti fa ìlà la àkọsílẹ̀ rẹ̀ já. Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni ìròyìn ìdánrawò. A ti mú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin láti dán ìbéèrè wò, méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fìnkìn ti ti ilé ẹ̀kọ́ Húngárì méjèèjì pa ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé *kò ní ipa púpọ̀*, mo sì fọwọ́ sí i.

Mo pa fáìlì náà dé. Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì, síbẹ̀ ojú ń tì mí bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ ní ọjà.

Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní abúlé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ní Békéscsaba, ní ilẹ̀ Húngárì, ni wọ́n bí i, sínú ìran àwọn Slofákì tó ti ń gbé ibẹ̀ fún igba ọdún. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí abúlé yìí, sínú ilé tó ṣì ń gbé di òní. Mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń po ata pupa mọ́ ẹran tó fẹ́ rọ sínú ìfun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Csaba.

"O rù," ni ó wí. "Wá fọwọ́ mú ìfun yìí. Má fà á ya bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Mo fọ ọwọ́, mo dì í mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo ní, "Mọ́mì, kí ni Màmá àgbà máa ń sọ pé ó gbé wọn wá síbí?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Àárín àwọn tó ń sọ èdè wa. Ilẹ̀. Ìjọba ti bára wọn sọ ọ́." Ó kà wọ́n bí àdúrà ìjẹun, ní títò tí wọ́n wà nínú ìwé mi gan-an.

Ìfun náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Mo wí, àbí mi ò wí?" Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣe é fúnra rẹ̀.

Ààrò onírin àtijọ́ ṣì wà ní igun ilé ìdáná náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ó bá ṣe èéfín, gbogbo ilé a ní, "Rozi ń kí wa." Rozi ni obìnrin tó ni ilé náà ṣáájú wa. Wọ́n ní ó máa ń da omi lójú níwájú ààrò nítorí èéfín. Àwàdà ilé wa ni. Mo ti sọ ọ́ lóde. Mo sọ ọ́ ní ìjókòó ọdún Kérésìmesì ìgbìmọ̀ wa, lójú Gizella, láti fi hàn pé àwa náà ní ìtàn pàṣípààrọ̀ nínú ẹbí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rántí pé Gizella rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ sọ ti Rozi fún mi."

"Kí ni ti Rozi?"

"Ẹ bá wọn nílé ni? Mo rò pé wọ́n ti lọ kí ẹ tó dé."

Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀ tó pọ́n bí osùn. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni a jọ gbé. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó gbé wọn kò tètè wá. Àwọn wà ní yàrá iwájú, àwa wà níhìn-ín. Ìyá mi gbọ́ èdè Húngárì ju pásítọ̀ wọn lọ, nítorí náà wọ́n ń sọ̀rọ̀. Rozi ló kọ́ ọ bí a ṣe ń dá ààrò yẹn. Ó ní, ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn ná, dúró kí o ka ogún, kí o tó fi igi sí i. Bí o bá kánjú, yóò ṣe èéfín. Ó fi hàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ó wá ń sunkún nítorí èéfín."

"Èéfín wo? Ta ló mọ ààrò yẹn jù ú lọ? Kò ṣe èéfín fún un rí." Ó tún mú ìfun. "Ìwé funfun wọn wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ife tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní kí a má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àwa la máa ń ṣe èéfín, nítorí bàbá mi kì í ní sùúrù láti ka ogún. Òun ló dá àwàdà yẹn sílẹ̀. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín sí i."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún mi?"

"O kò bi mí." Ó wò mí. "Ìwọ tó jẹ́ pé ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ."

Kò fi bú mi. Ó ní kí n bá òun so ẹnu ìfun, mo sì bá a so ó.

Mo ti rò pé ojúṣàájú ń gbé inú ọ̀rọ̀ tó gbóná. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ìbéèrè tèmi mọ́, kò ní òkúta kan. Àwọn tí wọ́n wá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo ti fi ẹnu ilé ìdáná wa béèrè lọ́wọ́ Emőke Halász ìdí tí àbúrò ìyá ńlá rẹ̀ fi fẹ́ lọ, mo sì fún un ní òdo nígbà tó ní kò fẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ pàdé. Alága wa, Vendelín Hronec, jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ tí ìjà ń bà lẹ́rù. Gizella jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo ti fi àtẹ Dušan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn ní àná rẹ̀.

Hronec ní, "Ohun tó tọ́ ni pé ká yọ ìbéèrè yìí kúrò nínú ìṣirò fún gbogbo ọmọ, ká tún orúkọ tò. Dušan, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Emőke Halász á di ẹnì karùn-ún. Ọmọ Húngárì kan tún máa wọlé ní ipò kẹjọ. Sláva Mihoková àti Oliver Drgoň á jáde."

Olùkọ́ ará àríwá tó ti bínú jáde nígbà kan mí kanlẹ̀. "Bàbá Oliver ti ra àpótí aṣọ fún un. Ọmọ yẹn ti ń fi í hàn kiri."

"Pé ọmọ yẹn ń fi í hàn kiri kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀," ni Gizella wí. "Akẹ́kọ̀ọ́ tèmi náà ti kọ́kọ́ gbọ́ pé òun kò mọ ìtàn."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Hronec wí. "Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn òbí máa gbé e. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìhà kan ló jàre, ìdánwò á tún pín sí méjì. Dókítà Kordíková ti kọ ìkéde kan tó dára. Ẹ gbọ́." Ó ka ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ sí i ní àárọ̀: "*A ti rí i pé àìbáradọ́gba kan wáyé nínú ìmáàkì ìbéèrè kẹrìnlá. A ti yọ ìbéèrè náà. A tún orúkọ tò.*" Ó gbé ojú sókè. "Ó mọ́. Kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwé ìlànà wa ń wí gan-an ni."

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìtura wọ inú yàrá náà. Mo wo Gizella, kò mi orí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Mo tún gbọ́ ìkéde náà lọ́kàn. Àìbáradọ́gba kan wáyé. Pàṣípààrọ̀ wáyé. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Nínú èkíní, mo fi ìjọba tó kó ènìyàn pamọ́. Nínú èkejì, mo fi ara mi pamọ́. Bí mo bá sì jẹ́ kí ó jáde bẹ́ẹ̀, orúkọ mi á wà ní mímọ́, Emőke á gba àyè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún un láé pé òótọ́ ni ìdáhùn rẹ̀.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn síta. Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà. Èmi ni mo kọ ìdáhùn tí àwọn olùmáàkì tẹ̀ lé, mo sì mú un láti ẹnu ìyá-ìyá mi, tó forúkọ sílẹ̀ láti wá. Èmi ni mo ní kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ pé wọ́n kó ènìyàn ní òdo. Ìdánrawò kò dé ilé ẹ̀kọ́ Húngárì kankan, mo mọ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Màdáámù Bartalos kìlọ̀ fún mi ní oṣù kẹsàn-án. Mo fa ìlà la ọ̀rọ̀ rẹ̀ já, mo pè é ní ìmọ̀lára. Ìwé náà nìyí."

Mo gbé e sórí tábìlì. Olùkọ́ ará àríwá fà á mọ́ra, ó kà á, ó sì sún un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

"Dókítà," ni Hronec wí jẹ́jẹ́, "ẹ kò nílò láti fi ara yín ṣe ìrúbọ. Ìwé ìlànà wa ń jẹ́ orúkọ yín."

"Nítorí ìyẹn gan-an ni."

"Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ ká kọ ọ́ nígbà náà?"

"Ẹ jẹ́ kí Màdáámù Bartalos kà á kí ó tó jáde. Bí ó bá ní kò tọ́, mo máa tún un kọ."

Gizella gbé ojú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe èmi nìkan. Ẹ fún ìyá Oliver náà kà." Ó wá wò mí, ojú rẹ̀ kò rọ̀. "Ẹ má sì kọ ọ́ kí ó dùn, Dókítà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí ó dùn."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí a ń wọ aṣọ òtútù, mo sọ fún un pé mo ti sọ àwàdà kan lójú rẹ̀ nígbà kan, nípa ààrò ilé wa.

"Rozi," ni ó wí. "Mo rántí."

"Kì í ṣe èéfín."

"Mo mọ̀." Ó dí bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. "Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò mọ̀." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Kò dúró dè mí, èmi náà kò sì retí pé kí ó dúró.

A ti yọ ìbéèrè kẹrìnlá. A ti lẹ orúkọ tuntun mọ́ pátákó, ìkéde náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mi ní ìlà kìíní. Àwọn ènìyàn ń dúró kà á. Bí mo bá kọjá, wọ́n a dákẹ́.

Ohun tó kù nìyí. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gba òdo nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Mo jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà tó máa sọ fún wọn pé ìdáhùn wọn tọ̀nà, pé èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo ti kọ mẹ́sàn-án. Mo jẹ Sláva Mihoková àti Oliver Drgoň ní ìbẹ̀wò, nílé wọn, lójú àwọn òbí wọn, kí n ṣàlàyé ìdí tí ohun tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ kò fi jẹ́ tiwọn. Mo jẹ Gizella Bartalos ní ẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí kò ṣe níbi tí mo ti fi Rozi ṣe ẹ̀rín, níwájú àwọn tó bá mi rẹ́rìn-ín. Oṣù kejìlá la ó tún jókòó níbẹ̀.